Tẹlifíṣọ̀n tó kú ní ọjọ́ kẹsàn-án: bí a ṣe ń kọ ìlànà ìdápadà ọjà àti wárántì

“Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Arákalẹ̀, ní Àkúrẹ́. Tẹlifíṣọ̀n, fáànù oníbátìrì, páwábáǹkì àti ṣájà ni mò ń tà. Oníbàárà kan láti Ìdànrè gbé tẹlifíṣọ̀n ínṣì 43 padà wá ní ọjọ́ kẹsàn-án tó rà á. Ó ní kò tàn mọ́, òun sì fẹ́ gba owó òun. Mo fi ohun tó wà lára rìsíìtì hàn án, pé ‘Ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà.’ Ó ní òun yóò fẹjọ́ mi sùn. Èmi gbà pé iná ló bà á jẹ́. Kí ni mo lè kọ tí kò ní rẹ́ oníbàárà jẹ, tí kò sì ní pa òwò mi?”

Gbólóhùn tó wà lára rìsíìtì yín yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ mú kúrò, nítorí kò dáàbò bò yín rárá. Òfin Ìdíje Ọjà àti Ààbò Oníbàárà ti ọdún 2018, tí ó múlẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà, sọ ní abala 131 pé ẹni tó ra ọjà lẹ́tọ̀ọ́ sí ọjà tó dára, tó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, tí kò ní àbùkù, tí yóò sì lò ó fún ìgbà tó bọ́gbọ́n mu. Ohun tí ẹni tó ń tajà kọ sára ògiri tàbí sára rìsíìtì kò lè gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ oníbàárà. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé ọ̀dọ̀ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣọ́ òfin náà, ìwé tí ẹ rò pé ó jẹ́ asà yín ni wọn yóò kọ́kọ́ mú tì yín lọ́rùn. Ìwé náà tún ń ṣe ibi mìíràn tí àwa ọlọ́jà kì í tètè rí: ó ń mú kí oníbàárà tí ọjà rẹ̀ bàjẹ́ wọlé pẹ̀lú ìjà, nítorí a ti sọ fún un ṣáájú pé a kò ní gbọ́ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin yẹn kò sọ pé gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni bá gbé padà wá ni kí ẹ gbà. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń pò pọ̀ mọ́ ara wọn. Èkíní ni ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ yí padà, tí ó rí ọjà náà, tí a tàn án lójú rẹ̀, tí ó sì dé ilé kí ó tó pinnu pé ó kéré jù. Òfin kò fi dandan mú yín láti dá owó ẹni yẹn padà. Ohun tí ẹ bá fẹ́ ni kí ẹ kọ. Abala 122 ya àwọn kan sọ́tọ̀, ìyẹn ẹni tí kò láǹfààní láti yẹ ọjà wò kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí i, bí àwọn tó ń rajà lórí Wasaapu, àti ẹni tó sọ ohun pàtó tó fẹ́ fi ọjà ṣe fún yín, tí ẹ ní yóò ṣe é, tí kò sì lè ṣe é. Àwọn wọ̀nyí lè dá ọjà padà láàárín ìgbà tó bọ́gbọ́n mu, kí wọ́n sì gba owó wọn. Ọ̀rọ̀ kejì ni ti ọjà tó ní àbùkù, èyí tí kò sí bí ẹ ṣe lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀kẹta ni wárántì, tí í ṣe ìlérí pé a ó tún nǹkan ṣe fún àkókò kan, yálà ìlérí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọjà náà tàbí tiyín. Bí ìwé yín kò bá ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀, oníbàárà yóò máa fi ẹnu kan béèrè gbogbo wọn, ẹ̀yin náà yóò sì máa fi ẹnu kan kọ gbogbo wọn.

Mo ti ta ohun èlò oníná, mo sì ti tún wọn ṣe, fún ọdún 24 ní ìlú Oǹdó, n kò sì mọ èyí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìlànà àkọ́kọ́ tí mo kọ kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ: “Wárántì oṣù mẹ́fà.” Mo rò pé bí iye oṣù bá ti pọ̀ ni ọjà yóò ṣe yá. Láàárín ọdún kan, mo ti tún fáànù tó bọ́ sínú omi ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, mo tún tẹlifíṣọ̀n tí ọmọdé fi bọ́ọ̀lù gbá ṣe, mo sì san owó ọkọ̀ ẹni tó ti Orè wá, nítorí n kò kọ ohun tí oṣù mẹ́fà náà wà fún, n kò sì kọ ohun tí kò sí nínú rẹ̀. N kò lè bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tí mo kọ ni wọ́n ń kà sí mi létí.

Ẹ jẹ́ ká wo àkókò ná, nítorí bí ọjà iná ṣe ń bàjẹ́ ló yẹ kó pinnu iye ọjọ́ tí a ó kọ. Ohun tí wọn kò fi léèdì jó wáyà rẹ̀ pọ̀ dáadáa, tàbí tí wọ́n fi ẹ̀yà tí kò lágbára sí nínú láti ilé iṣẹ́, kì í pẹ́ kó tó fi ara hàn. Láàárín wákàtí tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n bá ń lò ó, ooru yóò tú àṣírí rẹ̀. Èyí tó bá la ìgbà yẹn kọjá sábà máa ń pẹ́ lọ́wọ́ ẹni kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Ìdí nìyí tí mo fi ń fún oníbàárà ní ọjọ́ díẹ̀ láti pààrọ̀ ọjà pátápátá, tí mo sì ń fún un ní oṣù mélòó kan láti fi tún un ṣe. Ọjọ́ 7 ni mo ń kọ tẹ́lẹ̀. Mo sọ ọ́ di 14 nígbà tí mo ṣàkíyèsí pé àwọn àdúgbò kan máa ń wà lókùnkùn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ẹlòmíràn yóò ra tẹlifíṣọ̀n, kò sì ní rí iná tàn án títí ọjọ́ 7 yóò fi pé. Kò tọ́ kí àkókò tí kò lò ó rárá jẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ tán.

Ọ̀rọ̀ iná ni ọ̀gangan ìjà tó wà láàárín yín àti ará Ìdànrè yẹn, níbẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró sí díẹ̀. Iná tó yẹ kó dé inú ilé wa jẹ́ nǹkan bí 230 fóltì, ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n òde òní sì lè gba ohunkóhun láti 100 títí dé 240. Iná tó lọ sílẹ̀ kì í sábà pa wọ́n. Ohun tó ń pa wọ́n ni ìgbà tí wáyà tí àwọn oníná ń pè ní nútírà bá já lórí òpó. Nígbà náà, iná yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kú ní ilé kan, ṣùgbọ́n ní ilé kejì ó lè gun òkè lọ sí itòsí 400 fóltì, gílóòbù yóò mọ́lẹ̀ rekete, lẹ́yìn náà yóò bẹ́. Bí ó bá jẹ́ èyí ló ṣẹlẹ̀, kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ni yóò kú. Fíríìjì rẹ̀ tàbí ṣájà aládùúgbò rẹ̀ yóò bá a lọ. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi oníbàárà nìyẹn, mo sì máa ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í: kí ló tún kú nínú ilé ní ọjọ́ yẹn? Ti mànàmáná tún yàtọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ní oṣù Ẹrẹ́nà àti oṣù Igbe, ó lè gba ojú wáyà áńtẹ́nà tó wà lórí òrùlé wọlé, kí ó pa tẹlifíṣọ̀n àti dikódà pọ̀ láì fọwọ́ kan ibi tí iná ń gbà wọlé rárá.

Bí ẹ bá ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ó rí fíúsì nítòsí ibi tí wáyà iná ti wọlé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohun pẹlẹbẹ roboto kékeré kan máa ń wà níbẹ̀, tó sábà jẹ́ aláwọ̀ aró, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní farísítọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí iná bá ga ju ìwọ̀n lọ, òun ni yóò fa iná náà sí ara rẹ̀, fíúsì yóò sì jó kí iná má bàa dé inú. Nítorí náà, bí farísítọ̀ bá ti bẹ́ tàbí tó jóná, tí inú fíúsì onígíláàsì sì dúdú bí èédú, iná tó ga ló wọlé, mo sì lè fi ọwọ́ sọ̀yà. Bí fíúsì bá wà láàyè, tí iná pupa kékeré ń tàn níwájú, tí ohùn ń jáde, ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá rí àwòrán fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ níbẹ̀, gílóòbù wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn ojú náà ló kú. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, n kò ní di èyí ru iná tàbí oníbàárà. Àbùkù ilé iṣẹ́ ni mo máa ń kà á sí. Bí ìlà bá sì ń ti ojú kan ṣoṣo tàn káàkiri bí òwú aláǹtakùn, nǹkan ló tẹ̀ ẹ́ tàbí ló gbá a, bí ojú òde rẹ̀ tilẹ̀ ń dán.

Ohun tó nira ni èyí tó wà láàárín. Fíúsì lè jó nígbà tí farísítọ̀ ṣì wà ní odidi, nítorí pé ẹ̀yà kan nínú páńnẹ́ẹ̀lì iná kú fúnra rẹ̀, ó sì fa fíúsì lọ. Àwọn tẹlifíṣọ̀n olówó pọ́ọ́kú kan kò tilẹ̀ ní farísítọ̀ nínú. Fíúsì tó jó nìkan kì í ṣe ẹ̀rí pé iná ló ṣe é, ẹni tó bá sì ní òun fi ojú lásán mọ̀ ọ́n ń purọ́ fún yín. Nínú irú iyèméjì báyìí, èrò mi ni pé ẹ̀yin ni kí ẹ gbé e láàárín ọjọ́ 14, nítorí ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí ọjà ti wá, ẹ̀yin lẹ sì lè padà bá ẹni tó tà á fún yín. Lẹ́yìn ọjọ́ 14, kí ẹ jọ pín owó àtúnṣe ní ìdajì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní mo rọ̀ jù. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, kò sí ẹni tó tún fi ọlọ́pàá dẹ́rù bà mí mọ́.

Mo lè fi irú ohun tí mo ń kọ hàn yín, kí ẹ tún un ṣe bó ṣe bá ọjà yín mu: “Bí ọjà yìí bá ní àbùkù láàárín ọjọ́ 14, a ó pààrọ̀ rẹ̀, bí a kò bá ní irú rẹ̀, a ó dá gbogbo owó padà. Láti ọjọ́ 15 títí di oṣù mẹ́ta, a ó tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, láàárín ọjọ́ 14 tí a bá gbà á. Bí a kò bá rí i tún ṣe láàárín ọjọ́ 14 náà, tàbí tí àbùkù kan náà padà wá, oníbàárà yóò yan ọjà mìíràn tàbí owó rẹ̀. Wárántì yìí kò sí fún ohun tó já bọ́, tí omi wọ̀, tí ojú rẹ̀ fọ́, tàbí tí iná tó ga tàbí mànàmáná bà jẹ́. A ó ṣí ọjà náà lójú oníbàárà, a ó sì fi ohun tí a rí hàn án. Bí a kò bá lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé iná ni, àwa ni a ó gbé e láàárín ọjọ́ 14; lẹ́yìn ìyẹn, a ó jọ san ìdajì owó àtúnṣe. Bí ẹ̀bi bá jẹ́ ti ọjà, a ó san owó ọkọ̀ tó gbé e padà wá.” Ẹ kíyèsí i pé kò sí ibi tí mo ti sọ pé “àwa ni yóò pinnu.” Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, ẹni tó bá ṣí tẹlifíṣọ̀n ní kọ̀rọ̀, tó wá jáde wá sọ pé iná ni, kò ní rí ẹni gbà á gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ òtítọ́ ló ń sọ.

Ìwé yìí kò ní wúlò bí ẹ kò bá fi hàn oníbàárà kí ó tó sanwó. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní Yorùbá, kí ẹ tún kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì. Ní ọjọ́ tí ẹ bá tà á, ẹ tan tẹlifíṣọ̀n náà fún ìṣẹ́jú 15 lójú oníbàárà, kí ẹ fi gbogbo ihò rẹ̀ ṣiṣẹ́, kí ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sára rìsíìtì, kí ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà náà àti ojú rẹ̀ nígbà tó ń tàn, kí oníbàárà sì fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá ń ta fóònù lọ́jọ́ iwájú, ẹ tẹ *#06# kí ẹ sì kọ nọ́ńbà tó bá jáde. Láìsí nọ́ńbà yìí, ẹnìkan lè ra tuntun lọ́dọ̀ yín, kí ó sì gbé ògbólógbòó irú rẹ̀ wá fún yín. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́ẹ̀méjì.

Ti fáànù oníbátìrì yín yàtọ̀ díẹ̀, nítorí àbùkù rẹ̀ lè jẹ́ ọwọ́ yín. Bátìrì inú rẹ̀, bí ó bá jẹ́ ti òjé, máa ń bàjẹ́ bí ó bá wà lórí pẹpẹ fún ìgbà pípẹ́ láì gba iná, pàápàá nínú ooru wa yìí. Ẹ máa gbé wọn síná ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ó kéré tán, kí ẹ sì kọ ọjọ́ náà sára páálí. Bí fáànù tuntun kò bá lè ju ogójì ìṣẹ́jú lọ lẹ́yìn tó gba iná kún, ẹ má bá oníbàárà jiyàn. Ní ti ṣájà àti páwábáǹkì, oṣù kan ti tó, ìpààrọ̀ nìkan; kò sí ẹni tó ń tún wọn ṣe lọ́nà tó lérè. Bí ẹ bá sì ta ohunkóhun tó jẹ́ tòkunbọ̀, abala 117 inú òfin yẹn ní kí ẹ kọ ọ́ sí ara rẹ̀ gbangba pé kì í ṣe tuntun.

Ẹ ó béèrè ibi tí owó gbogbo èyí yóò ti wá. Ara iye tí ẹ ń tà á ni, ṣùgbọ́n kí ẹ ṣírò rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan: bí ẹ bá ń ta tẹlifíṣọ̀n 20 lóṣù, tí ọ̀kan nínú wọn ń padà wá, tí àtúnṣe rẹ̀ pẹ̀lú owó ọkọ̀ sì jẹ́ 30,000 náírà, tẹlifíṣọ̀n kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi 1,500 náírà sílẹ̀. Ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀ ní ọjọ́ tí ẹ bá tà á, ẹ má kà á mọ́ èrè. Ẹ ní ìwé kan tí ẹ ó máa kọ gbogbo ọjà tó padà sí fún oṣù mẹ́fà, ìwé yẹn ni yóò sọ iye tiyín gan-an. Bí èrè yín lórí ọjà kan kò bá lè gbé owó yìí, ọjà náà ni kí ẹ má tà mọ́, kì í ṣe wárántì rẹ̀ ni kí ẹ gé kúrú.

Ohun tó tún ń pa ọlọ́jà kékeré ju oníbàárà lọ ni ọjọ́ tí olówò ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bí ẹni tó ń tà á fún yín ní Alábà bá fún yín ní ọjọ́ 14, ọjọ́ tí ẹ rà á ló ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ tà á. Bí tẹlifíṣọ̀n bá ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀yin nìkan lẹ ó jẹ gbèsè rẹ̀. Nítorí náà, ẹ ṣí àpótí, kí ẹ sì tan gbogbo tẹlifíṣọ̀n ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá dé, kí ẹ béèrè fún ìwé wárántì ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kí ẹ sì fi òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí i fún oníbàárà. Bí oṣù mẹ́ta tiyín bá parí, ibẹ̀ ni ẹ ó darí rẹ̀ sí.

Wàyí o, ti oníbàárà yín. Ìlànà tuntun tí ẹ ó kọ kò lè mú un, nítorí kò sí níbẹ̀ nígbà tó rajà. Òfin gbogbogbòò ló wà láàárín yín, ohun tó ń béèrè kò sì ju èyí lọ: ṣé ọjà náà lábùkù nígbà tí ẹ tà á? Ẹ pè é lónìí, kí ẹ wá oníṣẹ́ kan tí kì í ṣe ẹbí yín tàbí tirẹ̀, kí ẹ ṣí tẹlifíṣọ̀n náà lójú ẹ̀yin méjèèjì, kí ẹ sì ya fọ́tò. Bí gílóòbù ẹ̀yìn ló kú, ẹ fún un ní òmíràn tàbí owó rẹ̀, pẹ̀lú owó ọkọ̀ láti Ìdànrè. Bí farísítọ̀ bá ti bẹ́, ẹ fi hàn án, kí ẹ ní kí ó ra àwọn ẹ̀yà tó jó, kí ẹ̀yin san owó iṣẹ́. Bí iná kò bá kọjá ibẹ̀ wọ inú lọ, iye ẹ̀yà wọ̀nyẹn kéré gan-an sí iye tẹlifíṣọ̀n. Bí ẹ kò bá rí ìdáhùn, ẹ fara mọ́ ọn, kí ẹ tún un ṣe fún un. N kì í ṣe agbẹjọ́rò, bí ó bá sì ti fẹjọ́ sùn kí ẹ tó pè é, ẹ fi ìwé àti fọ́tò lélẹ̀ fún ẹni tó mọ òfin kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Ẹ má jẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n náà kúrò ní ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó ṣí i, ẹ má sì ṣí i nígbà tí oníbàárà kò sí níbẹ̀.